Ìwé-ẹ̀rí CLTD ni kí n ṣe ni, àbí CSCP?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe súpáfáísọ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Agbára. Èèyàn 14 ló wà lábẹ́ mi. Ká ka ọjà, kí èyí tó kọ́kọ́ wọlé kọ́kọ́ jáde, ìyẹn ò le fún mi mọ́.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ipò máníjà. Wọ́n ní: bí ọjà kan bá ń tà ní páálí 40 lójúmọ́, tó sì ń gba ọjọ́ 10 kí òmíràn tó dé, mélòó ló yẹ kó kù nílẹ̀ kí n tó béèrè fún òmíràn? Mo ní 400. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá wá pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Mo dákẹ́. Inú ọkọ̀ ni mo ti rántí pé 120 ni kí n fi kún un, ó di 520. Ẹ ò rí nǹkan!

CLTD sún mọ́ iṣẹ́ mi: ìkẹ́rùsí, ọkọ̀, ìpínkiri. CSCP gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó ọjà wá títí dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Dọ́là ni wọ́n ń gbà fún méjèèjì, owó ọ̀kan péré ló sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan ní kí n kúkú ṣe dípúlómà CILT, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìkẹ́rù àti ìrìnnà, torí wọ́n ní ẹ̀ka ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di máníjà láti ipò súpáfáísọ̀, èwo lẹ ṣe? Ṣé àwọn tó ń gbani síṣẹ́ l'Ékòó tiẹ̀ ń béèrè rẹ̀?