Ojú àti ìgbẹ́ ni bàbá àgbà fi ń mọ ẹran tí ara rẹ̀ kò yá

Ọmọ Dáràndáràn:

Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí bàbá àgbà fi ọ̀pá lé mi lọ́wọ́. Mo rò pé a ó kàn máa tẹ̀ lé màlúù lẹ́yìn ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, kí a tó tú ẹran jáde, ó ní kí n bá òun yí ibi tí wọ́n sùn ká. Ìgbẹ́ là ń wò. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ ọ, ó ń yí i padà, kò sọ̀rọ̀. Èmi ń fọwọ́ dí imú.

Nígbà tó yá ló là á yé mi. Ìgbẹ́ màlúù tí ara rẹ̀ yá máa ń dún pọ̀tọ̀ tó bá jálẹ̀, á tẹ́ bí àwo, àárín rẹ̀ á jin díẹ̀. Èyí tó ga, tó le, tó to ara rẹ̀ jọ bí òkúta, ó lè jẹ́ pé koríko ti gbẹ jù, ó lè jẹ́ pé omi kò tó, ó sì lè jẹ́ pé ibà wà lára ẹran náà. "Má fi ìgbẹ́ ẹyọ kan dájọ́," bàbá àgbà á ní. "Ti àwọn yòókù ńkọ́?"

Ojú ló kàn. Ó ní kí n kọ́kọ́ dúró lókèèrè, kí n wò bóyá ojú ẹran ń bá mi lọ bí mo ṣe ń rìn. Tí ẹyinjú bá ti wọnú, tí àlàfo wà láàárín rẹ̀ àti ìpéǹpéjú, omi ti gbẹ lára ẹran náà. Lẹ́yìn èyí la ó wá ṣí ojú wò, nínú oòrùn, kì í ṣe lábẹ́ igi tí òjìji á ti yí àwọ̀ padà. Wàá fi ìka kan rọra tẹ ìpéǹpéjú òkè, wàá fi àtàǹpàkò fa ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀, wàá wo inú rẹ̀ kíá, wàá sì fi í sílẹ̀. Tó bá pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, á pọ́n fúnra rẹ̀, ìwọ á rò pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Mo ṣe àṣìṣe yẹn kò níye.

Ohun tó jẹ́ kó wọ̀ mí létí ni abo kan tí à ń pè ní Dúdú. Àgbà ẹran ni, ó sì lóyún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí ìgbẹ́ rẹ̀: ó le, ó kéré, ó dúdú ju ti àná lọ, nǹkan tó ń dán bí ikun imú sì bò ó lórí. Mo sáré lọ sọ pé òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, pé kí a lé e lọ sódò. Odò náà jìnnà.

Bàbá àgbà ní, "Ibo ni àwọn yòókù ti mumi lánàá?"

Mo ní odò kan náà ni.

"Báwo ni ìgbẹ́ tiwọn ṣe rí?"

Ó tẹ́, ó rọ̀. Mo dákẹ́.

A ṣí ojú Dúdú. Inú ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun, kò pọ́n mọ́, àwọ̀ ìyeyè sì ti ń wọ̀ ọ́. Bàbá àgbà gbé ìrù rẹ̀ sókè, ó wo ojú ara rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè kan náà ló bá níbẹ̀. Ó wá dúró. Mi ò mọ ohun tó ń dúró dè, àfi ìgbà tí Dúdú tọ̀: ìtọ̀ náà ṣókùnkùn díẹ̀, àmọ́ kò pupa. Nígbà tí mo tẹ̀ ba, mo rí eégbọn ní abẹ́ itan rẹ̀, wọ́n ti mu ẹ̀jẹ̀ yó.

"Má lé e lọ síbì kankan. Ẹran tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ, tí èèyàn bá lé e sáré, á ṣubú, kò ní dìde."

Abẹ́ igi la fi í sí, èmi ni mo ń fi garawa gbé omi wá. Ọ̀sán ni dókítà ẹran dé, ó sì gún un ní abẹ́rẹ́ ọksitẹ́tírásáíkílìn, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Lọ́jọ́ kẹrin ni ìgbẹ́ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́. Ojú rẹ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó pọ́n. Oyún náà kò dúró.

Dókítà ní eégbọn ló fa àìsàn náà. Bàbá àgbà ní oòrùn ni. Wọ́n jiyàn títí, wọn ò fohùn ṣọ̀kan.

Bàbá Màlúù Mẹ́ta:

Àbúrò, o kú ìtàn. Èmi ò ní sùúrù tó bàbá àgbà yín. Ìgbẹ́ tó bá ti ń ṣàn, aràn ni. Ojú tó bá ti funfun, aràn náà ni. Nígbà tí koríko tuntun yọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣu omi. Mo fún wọn ní oògùn aràn, kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, ó ti dá.

Ìyá Ẹléwúrẹ́:

Ẹ jọ̀ọ́, ewúrẹ́ ni tèmi o. Omi ń dà lójú ọ̀kan, nǹkan funfun kan sì wà lórí ẹyinjú rẹ̀. Bí mo ṣe rí i pé ẹ sọ̀rọ̀ ojú funfun, mo ti lọ ra oògùn aràn. Ìlàjì ni kí n fún un ni àbí odindi?

Oníṣègùn Ẹran Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Ìyá wa, ẹ dúró ná. Inú ìpéǹpéjú ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe orí ẹyinjú. Ó jọ àrùn ojú tí eṣinṣin máa ń gbé láti ara ẹran kan dé òmíràn, tàbí kó jẹ́ pé koríko ló gún un. Oògùn aràn kò kan ojú yẹn. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, ẹ fi í síbi tí oòrùn kò ti ní ta á lójú, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan yẹ̀ ẹ́ wò lónìí, kí ojú má baà fọ́.

Ẹ̀gbọ́n Màlúù Mẹ́ta, nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń ṣu omi lẹ́ẹ̀kan náà lórí koríko tuntun, tí ojú wọn mọ́, tí wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ, koríko ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ì bá dá láìsí oògùn. Mi ò sọ pé aràn kì í fà á o, ó máa ń fà á, pàápàá lára ọmọ màlúù. Àmọ́ ojú tó funfun kàn ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti dín ni. Kò sọ ẹni tó mu ún: aràn lè mu ún, eégbọn lè fà á, eṣinṣin tó ń gbé àrùn kiri náà lè fà á. Èmi pàápàá ti wojú, mo pe é ní aràn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì já mi nírọ́.

Ìtọ̀ tí bàbá àgbà dúró dè ló dùn mọ́ mi jù. Àrùn eégbọn mìíràn wà tó máa ń sọ ìtọ̀ di pupa, oògùn tiẹ̀ sì yàtọ̀. Bóyá bàbá mọ orúkọ rẹ̀ o, bóyá kò mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ pé nǹkan méjì ni.

Bàbá Màlúù Mẹ́ta:

Mo gbọ́. Oògùn mi náà ṣiṣẹ́ ṣá.

Ọmọ Dáràndáràn:

Dúdú tún lóyún lẹ́yìn náà, ó sì bímọ. Dókítà ti kìlọ̀ pé àrùn náà ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé eégbọn lè gbé e láti ara rẹ̀ dé ara òmíràn. Bàbá mi ní kí a tà á. Bàbá àgbà kọ̀. Ó ṣì wà láàárín agbo.

Ojú bàbá àgbà kò ríran dáadáa mọ́. Láàárọ̀ mo máa ń dá yí ibi tí wọ́n sùn ká, màá padà wá ròyìn fún un. Lánàá mo sọ pé ìgbẹ́ ẹgbọrọ kan le. Kò tíì jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi ní, "Ti àwọn yòókù ńkọ́?" Mi ò tíì wò ó. Mo padà síbẹ̀.