Kírísítálì sítúrúfáìtì nínú ìtọ̀ akọ ológbò: inú ara rẹ̀ ló ti wá ni, àbí inú fìríìjì?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ ológbò ọmọ ọdún 4, tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, ní Sùúrùlérè, ti ń tiraka láti tọ̀ láti ọjọ́ 3. Ìtọ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀. Dókítà ẹranko fọwọ́ kan àpò ìtọ̀ rẹ̀, ó kéré, ó sì rọ̀, nítorí náà ojú ọ̀nà kò tíì dí. Bí ìtọ̀ bá dáwọ́ dúró pátá, kíá la ó gbé e padà lọ, a kò ní dúró de ìdáhùn kankan.

Èsì àyẹ̀wò: pH 7.5, kíki ìtọ̀ 1.045, ẹ̀jẹ̀ pọ̀, kò sí bakitéríà, kírísítálì sítúrúfáìtì pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ náà lo wákàtí 6 nínú fìríìjì kó tó sọdá afárá dé láàbù ní Erékùṣù Èkó. Bí ìtọ̀ bá tutù, kírísítálì lè dì nínú ike lásán. Bó bá sì pẹ́ nílẹ̀, pH rẹ̀ lè gòkè. Ìyẹn ni èsì yìí kò ṣe fọkàn mi balẹ̀.

A ti ń fi omi lú oúnjẹ agolo rẹ̀, ó sì ń lo oògùn ìrora tí dókítà kọ. Ìtiraka náà kò dínkù. Wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ tó ń yọ́ òkúta sítúrúfáìtì, ṣùgbọ́n a kò tíì ya ẹksiréè, oúnjẹ yẹn kì í sì í yọ́ òkúta kálísíọ́mù ọ́sálétì.

Bí a bá tún ìtọ̀ yẹ̀ wò láàárín ìṣẹ́jú 30, láìfi sí fìríìjì, tí a kò rí kírísítálì, tí ẹksiréè kò sì fi òkúta hàn, ṣé ìdí kankan ṣì wà láti fún un ní oúnjẹ náà?