Ọjọ́ mẹ́ta tí télọ̀ fẹ́ yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ̀

Ọmọ Ọ̀bọkún, Ìlẹṣà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò kọ ìpolówó. Lọ́dún tó kọjá, àǹtí kan tó ń ránṣọ nítòsí Ọjà Àtakúmọ̀sà ní kí n bá òun ṣe ti aṣọ Ìwúde àti Kérésì. Ẹni tó bá kó aṣọ wá, ó pẹ́ tán ọjọ́ 30 oṣù Nọ́fẹ́ńbà, yóò gba ẹ̀dínwó ìdá 10 nínú 100, aṣọ rẹ̀ á sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí Kérésì tó dé. Àǹtí fi ọ̀rọ̀ oníbàárà 37 ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù, ó ní kí n mú mẹ́rin tó dùn jù níbẹ̀.

Mo ka gbogbo rẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ "Ẹ ṣé ma, Ọlọ́run á bù kún yín." Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ mọ bí aṣọ ṣe rí kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Mẹ́sàn-án sọ nípa aṣọ òkè tí Àǹtí máa ń fi háyà, iṣẹ́ tó ti pa tì. Ó wá ku 13. Mo yẹ ọjọ́ tí wọ́n kọ wọ́n wò, méje nínú wọn jẹ́ ti oṣù Fẹ́búárì sí Ọ́gọ́ọ̀sì. Ọ̀kan nínú méje yìí ni Àǹtí fẹ́ràn jù: "Ọjọ́ mẹ́rin péré, aṣọ mi ti délẹ̀!" Òótọ́ ni obìnrin náà sọ, ṣùgbọ́n oṣù Máàṣì ni, nígbà tí aṣọ mẹ́ta péré wà lórí ìkọ́. Ní Dìsẹ́ńbà, ọgọ́ta aṣọ máa ń wà nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Bí mo bá gbé e sínú ìpolówó Kérésì láìfi oṣù sí i, ẹni tó kà á á rò pé ọjọ́ mẹ́rin lòun náà máa fi dúró. Mo fi í sílẹ̀.

Mẹ́fà tó kù, oṣù Nọ́fẹ́ńbà àti Dìsẹ́ńbà ni wọ́n kọ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn rèé bó ṣe wọlé:

"Ẹ kú uṣẹ́ ma. Aṣọ náà bá mi mu dáadáa, ọmọ mi fẹ́ràn tirẹ̀. Fáànù ṣọ́ọ̀bù yín ò ṣiṣẹ́, ooru fẹ́ pa wá lọ́jọ́ tí a wá wọ̀n. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́ sí ọjọ́ tí ẹ dá o, àárọ̀ Kérésì gan-an ni mo gbà á, ṣùgbọ́n uṣẹ́ yín mọ́."

Èyí tí Àǹtí gé fún mi nìyí: "Aṣọ náà bá mi mu dáadáa, ọmọ mi fẹ́ràn tirẹ̀. Iṣẹ́ yín mọ́."

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí oníbàárà kò sọ. Síbẹ̀ mo ní kò ṣeé lò. Ìlérí tí ìpolówó yẹn ń ṣe ni pé aṣọ á dé kí Kérésì tó dé, ibi tí obìnrin náà ti sọ pé kò dé lásìkò gan-an la sì gé dànù. Fáànù ní tirẹ̀ kò kan ẹni tó ń ra aṣọ. Mo yọ ọ́, mo sì fi àmì ìdánudúró mẹ́ta sí àyè rẹ̀ kí ẹni tó bá kà á lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

Àǹtí bínú. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ bá mi tajà ni, àbí ẹ fẹ́ bá mi lé oníbàárà?" Mo rọra bi í pé kí ló fà á tó fi pẹ́. Ó ní òun gba aṣọ títí di ọjọ́ 18 oṣù Dìsẹ́ńbà, ọwọ́ ò ká a mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ dáwọ́ gbígba aṣọ dúró lọ́jọ́ 30 oṣù Nọ́fẹ́ńbà lọ́tẹ̀ yìí! Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn, pẹ̀lú èsì rẹ̀, la fi ṣáájú mẹ́ta yòókù.

Onílẹ̀kẹ̀ Lágere

Ẹ máa yọ ara yín lẹ́nu ni. Èmi kì í fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ oníbàárà rárá. Àwòrán ojú fóònù ni mo máa ń gbé síta bó ṣe wà. Ohun tí mi ò tọ́, báwo ló ṣe fẹ́ di irọ́?

Ìyá Ọlọ́ṣẹ, Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo ń polówó ọṣẹ dúdú fún àsìkò Ọlọ́jọ́, mo gbé ọ̀rọ̀ ìyá kan síta láìyọ ohunkóhun: ó ní làpálàpá ọmọ òun lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń rajà lọ́wọ́ mi ló pè mí. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ̀yin lẹ ń sọ pé ọṣẹ yín ń wo làpálàpá o." Mo ní ẹnu oníbàárà ló ti jáde. Ó ní èmi ni mo gbé e sójú ọjà mi, ti ara mi ló ti dà yẹn. Ọṣẹ ìwẹ̀ ni mo ń tà, n kò ta oògùn.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ di "ọṣẹ náà dára fún ara ọmọ mi." Ọkàn mi kò gbà á, nítorí ìyá náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo yọ gbogbo rẹ̀ pátá. Mo pè é, mo bi í bí ọṣẹ náà ṣe ń ṣe nínú omi. Ó fi ohùn ránṣẹ́ pé ó ń hó nínú omi kànga àwọn, kì í sì í jẹ́ kí ara gbẹ. Ìyẹn ni mo lò.

Ọmọ Máyfà

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo lèèyàn lè gbà kí àwọn oníbàárà kọ ọ̀rọ̀ tó dáa? Ẹni tó bá yìn mí, mo máa ń bá a gbé ọjà délé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Olóòtú

Àbúrò, ìyẹn kọ́ la ń sọ, ṣùgbọ́n màá dáhùn sí i: fún ẹni tó bu ẹnu àtẹ́ lù ọ́ náà ní ọ̀fẹ́ yẹn, kí o sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ wọn pé wọ́n gba nǹkan.

Onílẹ̀kẹ̀, àwòrán ojú fóònù lè ṣini lọ́nà. Ìwọ lo yan èyí tó jáde, ìwọ lo mọ ibi tí o gé e dé. Ó tún ń fi nọ́ńbà àti fọ́tò èèyàn hàn. Mo ti rí ibi tí ọkọ oníbàárà kan ti bínú wá.

Bí èmi ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ àti èyí tí mo gé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìwé kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti ọjà tó rà. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń pe oníbàárà, màá ka èyí tí mo gé fún un. N kì í bi í pé "Ṣé ẹ gbà?" torí àwọn èèyàn wa á gbà nítorí ojú. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé, "Kí ló sọnù níbẹ̀?" Ìgbà náà ni wọ́n máa ń rántí. Bí àsìkò bá sì ti kọjá, mo máa ń yọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ọmọ Ọ̀bọkún, ìbéèrè kan: mo rí i pé Àǹtí sọ "uṣẹ́" di "iṣẹ́". Èwo lẹ lò?

Ọmọ Ọ̀bọkún, Ìlẹṣà

Mo dá "uṣẹ́" padà, Ẹ̀gbọ́n. Àǹtí ní àwọn ará Ìbàdàn tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ òun á rò pé àṣìkọ ni. Ìyá tó kọ ọ́ ní kí n má sọ òun di ará ibòmíì. A ṣì ń fà á.