Báwo ni ìtàn iṣẹ́ kò ṣe ní sọnù láti Google Sheets sí Jira?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Bódìjà, Ìbàdàn. Fáìlì CSV ni a fẹ́ fi kó àwọn iṣẹ́ ọ́fíìsì wa wọ Jira. Ímeèlì ni mo fi so iṣẹ́ mọ́ ẹni tó ni ín, mo sì so “Ó ń lọ lọ́wọ́” mọ́ `In Progress`. Ìyẹn kò le. Ìtàn ni ó ká mi lára jù, torí pé CSV kì í gbé àkọsílẹ̀ àyípadà wọlé; nítorí náà mo fẹ́ fi àyípadà kọ̀ọ̀kan sí òpó `Comment` tirẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, ẹni tó ṣe é àti ohun tó yí padà, kí àmì `;` wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ẹnìkan tí ó ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́dọ̀ wa, kò sì ní àkáǹtì. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n ṣí i fún un, kí n sì tì í pa lẹ́yìn náà, àbí kí n kọ orúkọ rẹ̀ sí òpó ọ̀tọ̀?