Ìmọ́lẹ̀ inú ẹyinjú: kí la ó máa pè é?

Olùbéèrè, Ìlọrin

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi kọ̀ǹpútà dá àwòrán ìyá amọ̀kòkò kan ní Dàda fún ìwé ìtàn ọmọdé. Ẹ wo àwòrán tí mo fi ránṣẹ́: ojú rẹ̀ rí bí ojú òkú, ọ̀kan ò sì bá èkejì mu. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ bíńtín tó máa ń wà nínú ẹyinjú ni kò dára. Kí ni ká máa pè é ní Yorùbá? Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìlànà iṣẹ́ fún àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́.

Olùkọ́ Yorùbá, Ọ̀fà

Àbúrò, ẹ pè é ní ìràwọ̀ ojú. Ẹni tó wà láàyè ni ìràwọ̀ ń hàn lójú rẹ̀, òkú kò ní in. Ẹ kán àmì funfun bíńtín sí àárín ọmọlójú méjèèjì, ojú á là.

Onífọ́tò, Ìlọrin

Ẹ̀gbọ́n, ìràwọ̀ ojú dùn ún gbọ́, òótọ́ sì ni pé òun ló ń jẹ́ kí ojú jọ ti alààyè. Ibi tí mo ti yà sí ọ̀tọ̀ ni pé ìràwọ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀, ẹyinjú kì í tan. Awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú yọ síta, omijé sì ń mú kó dán, nítorí náà ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀yìn ṣíbí onírin. Ohun tó bá mọ́lẹ̀ níwájú ẹni náà la ó rí nínú rẹ̀, ní kékeré. Fèrèsé á hàn ní igun mẹ́rin. Iná olóruka táwọn onífídíò ń lò á hàn bí òrùka. Ẹni tó bá gbọ́ "ìràwọ̀" á kán àmì róbótó sí àárín ojú, àmì àárín gan-an sì ń sọ pé iná wà lórí kámẹ́rà. Inú ilé ni ìyá yìí jókòó sí, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló ń wọlé bá a. Èmi dábàá "àdápadà ìmọ́lẹ̀", torí ó ń mú kí ayàwòrán kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti wá.

Àbúrò, nínú àwòrán yín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà lápá òsì ló mọ́lẹ̀, òjìji imú sì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ẹnu ọ̀nà wà lápá òsì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹyinjú méjèèjì bí ojú aago: ti apá òsì ní ìmọ́lẹ̀ ní ibi aago 10, ti apá ọ̀tún ní ibi aago 2. Ohun tó máa ń fa irú èyí ni pé kí èèyàn ṣe ẹ̀dà ojú tó dára, kó yí i sódì, kó sì fi dípò èkejì. Ìpéǹpéjú á bá ara wọn mu, ìmọ́lẹ̀ ò ní bá ara wọn mu, torí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ojú méjèèjì ń wò. Ó yẹ kó wà ní ibi aago 10 nínú méjèèjì, ní òdìkejì òjìji imú. Ẹ fi òjìji imú yẹn ṣe àyẹ̀wò nígbà gbogbo.

Ìdí tí ẹ̀rọ fi ń ṣi ojú ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé irú ẹ̀rọ bíi Stable Diffusion kì í ṣiṣẹ́ lórí àwòrán náà gan-an. Ẹ̀dà tí a sún kì ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí, níbi tí píksẹ́ẹ̀lì 8 níbùú àti 8 lóròó ti di ẹyọ kan. Bí ojú bá fẹ̀ tó píksẹ́ẹ̀lì 24, ẹyọ 3 péré ló kù fún un láti fi ṣe ìpéǹpéjú, ọmọlójú àti ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi AUTOMATIC1111 lo Stable Diffusion, ẹ lọ sí abala `Inpaint`, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì bo ojú méjèèjì pa pọ̀, ẹ yan `Only masked` lábẹ́ `Inpaint area`, kí ẹ sì fi `Denoising strength` sí nǹkan bíi 0.35. Á fa ibi tí ẹ bò tóbi kó tó tún un ṣe. Bí nọ́ńbà yẹn bá ga jù, ojú ẹlòmíràn lẹ ó rí. Bí ẹ bá sì bo ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ìmọ́lẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè fún wọn.

Bí ìyẹn ò bá gbà, ẹ pa ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ rẹ́ nínú GIMP, kí ẹ fọwọ́ ya ilẹ̀kùn kékeré gígùn sórí ìpele tuntun, ní etí ọmọlójú, kí ó kan apá tó ní àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀. Ẹ má lo funfun báláú. Ojú tiwa dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọlójú kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àyíká rẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ àyíká náà lápá ọ̀tún mọ́ díẹ̀, kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó wọlé láti òkè òsì ń balẹ̀ sí. Ẹ tún jẹ́ kí òjìji ìpéǹpéjú òkè bọ́ sórí funfun ojú. Funfun ojú tí kò ní òjìji kankan ló sábà ń mú ojú jọ ti ère.

Ìyá kan, Òmù-Àrán

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ mi, alẹ́ ni wọ́n yà á, ojú gbogbo wa ló pọ́n. Ṣé àdápadà náà nìyẹn? Báwo la ṣe lè yọ ọ́?

Onífọ́tò, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìyẹn yàtọ̀. Iná kámẹ́rà ló gba inú ọmọlójú kọjá, ó kan ẹ̀yìn ẹyinjú níbi tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí, ó sì padà pẹ̀lú àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. Èyí tí à ń sọ kò wọlé rárá, ojú òde ló ti padà. Ẹ ní kí ọmọ yín ṣí fọ́tò náà nínú GIMP, irinṣẹ́ wà níbẹ̀ tó ń pa pupa yẹn rẹ́.

Olùkọ́ Yorùbá, Ọ̀fà

Mo fi ìràwọ̀ sílẹ̀. Àmọ́ ẹ ò rí i pé ìdáhùn yín fún ìyá ti ba ọ̀rọ̀ yín jẹ́? Pupa náà padà, èyí náà padà. "Àdápadà" gba méjèèjì. Nǹkan tó dán lójú òde, Yorùbá ní ó ń kọ yẹ̀rì. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìkọyẹ̀rì ojú.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìlọrin

Ìkọyẹ̀rì wù mí. Ní July 2024, ọmọ wa kan, Adéjùmọ̀kẹ́ Owólabí, ní Yunifásítì Hull, ṣe iṣẹ́ lórí èyí gan-an, láti fi dá àwòrán tí ẹ̀rọ yà mọ̀. Ọ̀nà táwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín nínú àwòrán ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ni wọ́n fi wé ojú òsì àti ọ̀tún. Nítorí náà, bí méjèèjì ò bá bára mu, ẹ̀rọ ló yà á, ó ti parí.

Onífọ́tò, Ìlọrin

Àbúrò mi, kò tíì parí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kevin Pimbblet tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà ti sọ pé ọ̀nà yẹn ń mú ẹni tí kò yẹ nígbà mìíràn, ó sì ń fi ẹni tó yẹ sílẹ̀. Èmi fúnra mi ń ya èèyàn gidi tí òjìji imú tàbí fìlà bo ojú rẹ̀ kan, tí ìkọyẹ̀rì ò sì sí níbẹ̀ rárá. Bí iná bá sún mọ́ ojú jù, ipò rẹ̀ nínú ojú méjèèjì á yà síra díẹ̀. Ṣùgbọ́n aago 10 nínú ọ̀kan àti 2 nínú èkejì, pẹ̀lú ilẹ̀kùn kan, ìyẹn ò ṣeé ṣàlàyé.

Olùbéèrè, Ìlọrin

Ọmọ kan níbí ló yí ojú náà sódì lóòótọ́. A pa á rẹ́, a bo méjèèjì pọ̀, a fi 0.35 ṣe é. Ojú ti bára mu, ìyá náà ń wò wá wàyí. Mo ti kọ ìkọyẹ̀rì ojú sínú ìlànà, àmọ́ "láìtì ojú" ṣì ni àwọn ọmọ ń pè é. Ojú ìwé tó kàn ni ibi tí wọ́n ti ń dáná sun ìkòkò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lálẹ́. Ibo ni ká gbé ti ìyẹn sí?

Onífọ́tò, Ìlọrin

Ìsàlẹ̀, láàárín aago 5 sí 7, kí ó pọ́n bí iná náà ṣe pọ́n, kí etí rẹ̀ má ṣe gún régé. Ẹ yọ òjìji ìpéǹpéjú òkè kúrò, torí ìmọ́lẹ̀ ò ti òkè wá mọ́. Kí òjìji imú sì gòkè lọ sí iwájú orí.

Olùkọ́ Yorùbá, Ọ̀fà

Iná kì í kọ yẹ̀rì, ó ń jó ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un rò.