Ọmọ Hausa ní "alubarika" fún mi ní Máìlì 12, ó tún di àpò àlùbọ́sà mú mọ́ mi lọ́wọ́

Ìyá Olóbẹ̀ Kétu
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Inú ń bí mi, ẹ bá mi dá sí i. Ọjọ́ Ẹtì ni mo lọ sí Máìlì 12 nítorí ìnáwó tí mo gba iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ẹrẹ̀ mù mí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọmọ tó yẹ kó tẹ̀ lé mi ní inú ń run òun. Ẹni tí mo ń se oúnjẹ fún ti pè mí tó ẹ̀ẹ̀mẹrin pé kí n má gbàgbé ẹran ògúfe. Bí mo ṣe dé ibi àlùbọ́sà nìyẹn, ọmọkùnrin Hausa kan ló jókòó ti àpò. Mo ná ọjà, ó ní "alubarika". Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo pe alábàárù, ó ru àpò, ni ọmọ yìí bá fò dìde, ó di àpò mú, ó ń pariwo. Ọjà yí wa ká. Wọ́n ń wò mí bí olè, èmi tí mo ti ń ra ọjà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi! Ṣé ìbùkún kọ́ ni alubarika ni? Ẹni tó bá gbọ́ Hausa kó sọ ọ́ fún mi, torí mo fẹ́ padà lọ kò ó lójú.

Àbẹ̀kẹ́ Ṣómólú
Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. "Barka" ló sọ o. Òun ni wọ́n fi ń kí ènìyàn: barka da zuwa, barka da Sallah. Ó kí yín kú àbọ̀ ni, ẹ̀yìn náà ló wá yí padà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn.

Adé Ìdúmọ̀tà
Àbẹ̀kẹ́, ta ni "wọ́n"? Ọmọ kan ló bá màmá jà, o ti kó odindi ẹ̀yà kan pọ̀. Màmá, kí ló dé tí ẹ ò fi bá a sọ Yorùbá? Àwọn tó ń ta ọjà níbẹ̀ gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa lọ.

Ìyá Olóbẹ̀ Kétu
Adé, o rò pé n kò sọ Yorùbá ni? Ọ̀gá rẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá ti lọ kírun. Ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ó kàn ń wo ẹnu mi. Orí fóònù ni mo ti ń tẹ iye owó hàn án.

Ìyá Bísọ́lá
Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Balógun. Mo fẹ́ ra léèsì, ọmọ Ìgbò tó ni ṣọ́ọ̀bù nawọ́ sí mi, ó sọ fún èkejì rẹ̀ pé "onyahia mi". Mo rò pé ó bú mi ni. Mo fa gèlè mi ṣinṣin, mo sì bú u dé ìran kẹta. Ó tó ọdún kan kí ìyàwó àbúrò mi, ọmọ Ọ̀nítṣà, tó sọ fún mi pé "onye ahịa m" ni, oníbàárà mi. Ó ń sọ fún èkejì rẹ̀ kó má fà mí mọ́ ara ni! Títí di òní, tí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, orí mi ni mo ń tẹ̀ba. Ẹ rọra, màmá.

Ọmọ Olóbì Agége
Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan méjì kí a tó máa ṣépè. Eélòó ló pè é? Eélòó lẹ ná an kó tó sọ ọ̀rọ̀ náà? Ẹ tún sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe nígbà tó ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọjà, ẹ kì í fi etí nìkan gbọ́ ọ.

Ìyá Olóbẹ̀ Kétu
Kí ni iye owó fẹ́ ṣe nínú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n ó dáa. 48,000 ló pè é. Mo tẹ 40,000. Ó wò ó, ó fọwọ́ kan àyà báyìí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní alubarika, ó sì padà sídìí èèpo tó ń ṣà kúrò lára àlùbọ́sà. Mo ní bóyá kò rí i dáadáa, mo tẹ 42,000. Ó tún ní alubarika. Mo wá pe alábàárù. Ta ni kò ní pè é?

Ọmọ Olóbì Agége
Ó ti yé mi. Màmá, ó kọ̀ fún yín ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀.

Àárín àwọn Hausa tó ń ta obì ní Agége ni wọ́n ti tọ́ mi. "Albarka" ni ọ̀rọ̀ náà. Lóòótọ́, ìbùkún ni, òun kan náà ni alùbáríkà tiwa. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá ti dárúkọ owó, tí ọlọ́jà sì dá a lóhùn pẹ̀lú "albarka" nìkan, ó túmọ̀ sí pé "owó yín kò tíì ká a". Bàbá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá yín ná ọjà kò ṣẹ̀ yín, ẹ ò gbọdọ̀ sọ pé "rárá" sí i lójú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìbùkún kọ̀. Àwa náà ń ṣe é. Tí alágbe bá nawọ́ sí yín, tí ẹ bá ní "Ọlọ́run á pèsè", ṣé ẹ ti fún un lówó nìyẹn? Àdúrà lẹ ṣe, síbẹ̀ ó mọ̀ pé kóun máa lọ.

Ọwọ́ rẹ̀ ló jẹ́ kó dá mi lójú. Ọlọ́jà tó bá gbà kì í padà sídìí èèpo. Yóò na ọwọ́ fún owó, tàbí kó dìde bá yín gbé àpò.

Bọ̀dé Oǹkàwé
N kò gbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: mo kọ "alubarika", kò sí ohun kankan ní Hausa. Mo kọ "albarka" bí Ọmọ Olóbì ṣe kọ ọ́, "ìbùkún" ló jáde. Níbo ni "mo kọ̀" wà níbẹ̀? Ẹ má fi ìtàn bàbá yín ṣe atúmọ̀ èdè.

Ọmọ Olóbì Agége
Bọ̀dé, o ò rí "alubarika" torí pé ẹnu Yorùbá ló fi fáwẹ̀lì kún un. Àwa kì í fi kọ́ńsónáǹtì méjì léra. Albasa la sọ di àlùbọ́sà, tattasai la sọ di tàtàṣé, alkawali la sọ di alùkàwàní. Tí o bá fẹ́ wá ọ̀rọ̀ Hausa tí o gbọ́ lọ́jà, yọ àwọn fáwẹ̀lì tí etí rẹ fi kún un kúrò kí o tó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, má dúró lórí ìtumọ̀ àkọ́kọ́. Èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò ọ̀rọ̀ kan yóò sọ "ìbùkún" fún ọ títí ayé. Lọ sínú atúmọ̀ èdè tó jinlẹ̀, irú ti Bargery tí wọ́n tẹ̀ ní 1934, kí o ka gbogbo abẹ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Tàbí kí o bi ẹni tó ń ta ọjà. Ṣùgbọ́n má bi í pé "kí ni albarka?", torí ìbùkún lòun náà yóò sọ. Sọ fún un pé: "Mo ná ọjà ní báyìí, ó ní albarka. Ṣé kí n sanwó?" Ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín.

Àbẹ̀kẹ́ Ṣómólú
Ṣùgbọ́n èmi ra ẹ̀wà ní Ìdí-Àràbà, àbókí gba owó mi tán ló wá ní albarka. Ṣé ó kọ̀ lẹ́yìn tó gba owó ni?

Ọmọ Olóbì Agége
Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. "Allah ya sa albarka" lo gbọ́, kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí i. Tí owó bá ti bọ́ sọ́wọ́, àdúrà ni. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣì wà lórí iye, ìkọ̀sílẹ̀ ni.

Adé Ìdúmọ̀tà
Ó parí. Màmá, ẹ lọ bẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá Olóbẹ̀ Kétu
Má rán mi níṣẹ́, Adé. Kódà kó jẹ́ pé ó kọ̀, ṣé bó ṣe yẹ kó lé mi nìyẹn? Nígbà tí wọ́n là wá tán, mo fi ìbínú tẹ 45,000, pé kí ẹnu rẹ̀ lè pa mọ́. Kò ṣe albarka mọ́. Ó ní "salama", bí ìgbà tí ènìyàn ń dágbére fún ẹni tó sú u, ó sì ń juwọ́ sí ọmọ kan lẹ́yìn. Mo yíjú, mo bá tèmi lọ. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni mo ti ra á ní 47,000, alábàárù sì gba 1,000 lọ́wọ́ mi torí ó ní òun ti ru tàkọ́kọ́.

Ọmọ Olóbì Agége
Yéè! Màmá!

Ibi tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín rè é. "Na sallama" ló sọ: mo ti gbà, ó ti di tiyín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ta ọjà nìyẹn. Ọmọ tó ń juwọ́ sí, ó ń pè é kó wá bá yín gbé àpò ni. Ìgbà tó kọ̀, ẹ ru ẹrù. Ìgbà tó gbà, ẹ yí ẹ̀yìn sí i.

Ìyá Bísọ́lá
Hẹn! Èmi náà mọ̀ pé sálámà ni wọ́n ń sọ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé.

Ọmọ Olóbì Agége
Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn wà. Ẹni tó ń wọlé ló ń sọ ìyẹn. Ẹni tó ti jókòó ti ọjà rẹ̀, tó sọ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ dárúkọ owó, kò kí yín. Màmá, ǹjẹ́ ó sọ nǹkan mìíràn mọ́ ọn?

Ìyá Olóbẹ̀ Kétu
Ó sọ nǹkan bí "arubaini... biya".

Àbẹ̀kẹ́ Ṣómólú
Mo mọ ìyẹn! Biya ni "sanwó". Ó ní kí ẹ sanwó!

Ọmọ Olóbì Agége
Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ "arba'in da biyar", márùnlélógójì, torí biyar ni márùn-ún, etí wa kì í sábà gbọ́ "r" ìparí yẹn. Ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan ló lè sọ. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kò lé yín.

Bọ̀dé Oǹkàwé
Mo ti ka a délẹ̀. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ìyá Olóbẹ̀ Kétu
Ó dáa. Ohun tí n kò sọ ni pé mo pe ọmọ yẹn ní olè lójú ọjà, ẹni kan sì túmọ̀ ìyẹn fún un. N kò ní lọ kò ó lójú mọ́. Ṣùgbọ́n kí ó má rò pé 1,000 alábàárù kò dùn mí o. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ "má bínú" ní Hausa?

Ọmọ Olóbì Agége
Ọkùnrin ni, torí náà "ka yi haƙuri". Tí ọ̀gá rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá.

Àbẹ̀kẹ́ Ṣómólú
Màmá, 45,000 yẹn, àlùbọ́sà gbígbẹ ni àbí tútù? Mo fẹ́ lọ lọ́jọ́ Ajé.