Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń gé lójijì: mo kà á, mo tún un ṣe, iye rẹ̀ kò sún

Alákòóso: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Ọ̀gá wa ní kí n máa ka iye ìgbà tí àwọn oníbàárà ń fi ọ̀rọ̀ tí kò parí ránṣẹ́ lórí áàpù ìtàkùrọ̀sọ wa, kí n sì fi iye náà tún áàpù ṣe. Mo kà á: 38 nínú 100! Nígbà tí mo gbé e síwájú ìpàdé, ṣe ni wọ́n ń wò mí bíi pé èmi ni mò ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Mo wá ní kí ẹ̀rọ máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 6 kó tó fèsì, bóyá oníbàárà ṣì fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, iye náà kò sún. Àwọn oníbàárà wá ń pariwo pé áàpù ti lọ́ra bí ìgbín. Àwọn kan nínú wọn tún ń bà mí nínú jẹ́: wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ gígùn, wọ́n á wá fi dáyámọ́ńdì dúdú tó ní àmì ìbéèrè nínú parí rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mú kí wọ́n máa parí ọ̀rọ̀ wọn?

Abáni_ṣe: Enter ni o. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó fẹ́ bọ́ sí ìlà tuntun á tẹ Enter, ọ̀rọ̀ á sì ti lọ. Ẹ jẹ́ kí Enter máa ṣí ìlà tuntun, kí Ctrl+Enter máa fi ránṣẹ́. Ó tán.

Ìyá_Dátà: Ẹ rọra. Alákòóso, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan kò parí? Kí sì ni òdiwọ̀n gígùn tí áàpù yín gbà?

Alákòóso: Èyí tí kò bá ní àmì ìdánudúró, àmì ìbéèrè tàbí àmì ìyanu níparí ni mo kà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé nìyẹn.

Ìyá_Dátà: Háà. Ta ló ń fi àmì ìdánudúró sí ìdí “ó dáa” tàbí “mo ti rí i”? Ohun tí ẹ kà ni ìwà àwọn tó ń kọ̀wé kíákíá. Ẹ fi kèké mú 200 nínú àwọn tí òfin yín ní kò parí, kí ẹ tún mú 200 nínú àwọn tó ní wọ́n parí. Kí ènìyàn méjì kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnì kan má rí èsì ẹnì kejì. Ẹ má fojú fo 200 kejì yẹn o: ẹni tí gbólóhùn rẹ̀ kẹta sọnù lè ṣì ní àmì ìdánudúró níparí gbólóhùn kejì.

Olóhùn: Tiwa, ohùn ni. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù bá ti mí kanlẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ á gbà pé ó ti parí, á fi ìlàjì ránṣẹ́. Ẹ sún àkókò ìdákẹ́jẹ́ náà síwájú díẹ̀.

Abáni_ṣe: Ta ló béèrè ohùn? Kíkọ ni wọ́n ń kọ. Mo ti ní Enter ni.

Alákòóso: Kò sí ohùn lórí tiwa. A ti ka 200 méjèèjì. Nínú àwọn tí mo ní kò parí, 23 péré ló gé lóòótọ́. Nínú ìkejì, 3. Mẹ́sàn-án ni àwọn òǹkàwé méjèèjì kò fẹnu kò lé, a yọ wọ́n kúrò, a sì fi òmíràn rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n mo ṣì gbà pé ìṣẹ́jú àáyá 6 yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ìyá_Dátà: Ẹ wò ó: 38 lọ́nà 23 nínú 200 jẹ́ 4.4. 62 lọ́nà 3 nínú 200 jẹ́ 0.9. Ó fi díẹ̀ ju 5 lọ nínú 100, kì í ṣe 38. Ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí gígùn, bẹ́ẹ̀ kò sí bọ́tìnnì dáyámọ́ńdì lórí fóònù ẹnikẹ́ni.

Alákòóso: Gígùn kọ́ ni. Àpótí ìkọ̀wé gba 400, sáfà gba 500. Báwo ni 400 ṣe máa kún 500?

Ìyá_Dátà: 500 kí ni? Lẹ́tà ni tàbí báìtì, ìwọ̀n àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà? Ẹ tẹ èyí:

```python
len("ọ̀rọ̀".encode("utf-8"))   # 11
```

Lẹ́tà mẹ́ta lójú, báìtì 11. Ẹni tó ń fi àmì ohùn kọ Yorùbá lè kọ 350 kó sì ti kọjá 500 lọ́dọ̀ sáfà, ẹni tó ń kọ láìfàmì sí i kò ní mọ nǹkan kan.

Abáni_ṣe: Nínú àpótí ìkọ̀wé, márùn-ún ni ọ̀rọ̀ yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó.

Ìyá_Dátà: Ó lè jẹ́ 5, ó lè jẹ́ 7, bí bọ́tìnnì fóònù bá ya àmì ìsàlẹ̀ kúrò lára o. Báìtì rẹ̀ á ṣì jẹ́ 11 lọ́nà méjèèjì. Ẹ bi dátábéèsì:

```sql
SELECT OCTET_LENGTH(body) AS b, COUNT(*) AS n
FROM messages
WHERE OCTET_LENGTH(body) BETWEEN 494 AND 503
GROUP BY b ORDER BY b;
```

Alákòóso: Láti 494 sí 499, kò sí èyí tó ju 4 lọ. 500 jẹ́ 171, 501 jẹ́ 62, 502 jẹ́ 118, 503 jẹ́ òfo. Gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà jẹ́ 8,000. Ṣùgbọ́n báwo ni 502 ṣe wọlé bí òdiwọ̀n bá jẹ́ 500? Ó yẹ kí n sọ ọ́: lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí sáfà máa gé e ní 500 láìsọ fún ẹnikẹ́ni, torí àṣìṣe pupa tó ń jáde ń bí àwọn ọ̀gá nínú.

Ìyá_Dátà: Ẹ̀yin gan-an lẹ ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Bí ọ̀bẹ bá bọ́ sáàárín lẹ́tà, ìlàjì tó kù kò ṣeé kà, sáfà á fi dáyámọ́ńdì rọ́pò rẹ̀. Báìtì mẹ́ta ni dáyámọ́ńdì náà. Bí ìlàjì bá jẹ́ báìtì kan, 499 àti 3 jẹ́ 502. Bó bá jẹ́ méjì, 498 àti 3 jẹ́ 501. Àwọn tó jẹ́ 500 géérégé, àárín lẹ́tà méjì ni ọ̀bẹ wọn bọ́ sí, wọn kò ní dáyámọ́ńdì. Ẹni tó bá ń ka dáyámọ́ńdì nìkan á pàdánù 171 yẹn.

Ẹ gbé òdiwọ̀n sáfà sókè, kí àpótí ìkọ̀wé máa ka báìtì, kó sì fi iye tó kù han ẹni tó ń kọ. Bó bá kọjá, kí sáfà kọ̀ ọ́, kí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú àpótí. Ẹ kọ gígùn tó kọ́kọ́ wá sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, láìtọ́jú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ka àwọn oníbàárà tó kàn pẹ̀lú, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan.

Abáni_ṣe: 351 nínú 8,000 jẹ́ 4.4. Ẹ ní ó lé ní 5. Ìyókù yẹn, Enter ni!

Ìyá_Dátà: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 3 nínú 200 kéré jù láti fi búra. Ẹ ya àwọn tí Enter fi ránṣẹ́ sọ́tọ̀ sí àwọn tí bọ́tìnnì fi ránṣẹ́, kí ẹ wo ìpín tí òmíràn tẹ̀lé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ́dọ̀ ẹnì kan náà. Bí ìyàtọ̀ bá wà, Abáni ti borí.

Olóhùn: Ẹ ṣì yẹ àkókò ìdákẹ́jẹ́ náà wò o.

Alákòóso: A ti gbé e sókè sí 4,000, àpótí ń ka báìtì. Ìṣẹ́jú àáyá 6 náà ṣì wà níbẹ̀, mi ò tíì yọ ọ́. Ṣé ọ̀nà kankan wà láti rí ohun tí sáfà ti gé sọnù láti ọdún tó kọjá gbà padà?

Ìyá_Dátà: Kò sí, àfi bí áàpù bá tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sórí fóònù wọn. Ẹ ti wo ìyẹn?